Ẹ Bi Ẹ̀gẹ́ Léèrè Kí Ẹ Tó Lọ Bá Báńkì

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí. Ibi tí iná ti lọ, tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀, nìkan ni mo yọ kúrò.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi oko sílẹ̀ láàárọ̀ yìí nítorí ìpàdé, ẹ kú ìjókòó o. Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìyálọ́jà, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹ kú ọjà, ajé á wọ̀gbá o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fisibílítì, ìyẹn ìwádìí tí à ń ṣe ká tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà á dúró tàbí á ṣubú. Ẹ ní ẹ fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ẹ ti rí ilẹ̀. Ẹ ti dáwó. Ẹnìkan nínú yín ti gba ìwé iye owó ẹ̀rọ wá láti Ìbàdàn. Ohun tó kù, bí alága ṣe sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ni pé kí n bá yín kọ fisibílítì tí báńkì á fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó ni ìwé yẹn? Ṣé báńkì ni? Bí iṣẹ́ bá kú, báńkì á gba ilẹ̀ tí ẹ fi dúró, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ṣẹ́kù sídìí ẹ̀rọ. Nítorí náà ẹ̀yin lẹ ni ìwé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó wá gbogbo ohun tó lè pa òwò yín rí, kó wá a tọkàntọkàn. Bó bá wá a títí tí kò rí i, ẹ lọ ṣe é.

Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìlú kan ní Ìbàràpá, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n pè mí bí ẹ ṣe pè mí yìí. Wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe ìyẹ̀fun funfun, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ẹ̀gẹ́ lóòjọ́. Mo jókòó sí yàrá mi, mo kọ ojú ìwé 60. Mo kọ ọ́ pé Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, òótọ́ sì ni. Mo kọ iye ènìyàn tó ń jẹ búrẹ́dì. Mo ya àwòrán kan tó ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Báńkì fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n yá wọn lówó. Lọ́dún kejì tí mo gba ibẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ dáráyà, ẹ̀rọ tó ń mú ìyẹ̀fun gbẹ, tí wọ́n fi ẹ̀yáwó rà. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Kò sí ẹni tó kówó jẹ. Ìwé mi ni kò dáa. Nínú ojú ìwé 60 yẹn, kò sí ibì kan tí mo ti béèrè pé: kí ni yóò pa iṣẹ́ yìí?

Mo gbọ́ tí bàbá kan lẹ́yìn ń sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá, òótọ́ ni. Àwọn tó ń yáni lówó náà fẹ́ràn òwe yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n àáké inú òwe yẹn, àáké ẹni ni. Bí ẹ bá yá àáké lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ ó máa san èlé lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ dákun, ẹ wo ẹnu rẹ̀.

Ìlú Ìbàràpá yẹn ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bí n bá tún ìwé náà kọ, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́.

Apá kìn-ín-ní: ta ni yóò rà á?

Àwọn ènìyàn á ní, "Ọ̀gá, ta ni kì í jẹ ẹ̀gẹ́?" Gbogbo wa là ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ń jẹ gàrí ló máa ra ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́ yín?

Gàrí, fùfú, láfún, àwọn wọ̀nyí ní ọjà tó ti wà kí wọ́n tó bí wa. Ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan ò bá rà á lónìí, ẹlòmíràn á rà á lọ́la; iye tó fẹ́ rà á lè má tẹ́ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n yóò rà á. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan, èyí tí wọ́n fẹ́ fi kún ti àlìkámà láti ṣe búrẹ́dì àti bísíkíìtì, ọ̀tọ̀ ni ọjà tirẹ̀. Àwọn tó ń rà á kò pọ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ni wọ́n. Bí méjì nínú wọn bá sọ pé àwọn ò rà á mọ́, ẹ ò lè gbé e lọ sọ́jà Ìsẹ́yìn kí ẹ máa fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n.

Àwọn àgbà inú wa á rántí. Ní 2005, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, àṣẹ jáde pé kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun fi ti ẹ̀gẹ́ sí i, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Àwọn kan ra ẹ̀rọ. Àṣẹ náà kò múlẹ̀. Ní 2012, nígbà ìjọba Jonathan, ariwo búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tún sọ, wọ́n ní ó lè tó ìdá ogójì. Àwọn kan tún ra ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà lẹ mọ iye ẹ̀gẹ́ tó wà nínú búrẹ́dì tí ẹ jẹ láàárọ̀ yìí. Mi ò bú ìjọba o. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ yín dúró lé lórí bá jẹ́ àṣẹ ìjọba, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín gbangba pé ẹsẹ̀ kan ló ní.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ lọ bá ẹni tó máa rà á. Ẹ má bá akọ̀wé ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí owó ìrajà ni kí ẹ rí. Ẹ bi í ní tọ́ọ̀nù mélòó lóṣù, èló ni yóò san bí ẹ bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àti ọjọ́ wo ni yóò san án. Ẹ tún bi í ní ohun tí yóò mú kó dá ọkọ̀ yín padà. Yóò sọ fún yín: bí omi inú ìyẹ̀fun bá ju ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, bí èèpo bá ti já sí i tó ń ṣe tóótòòtó, bó bá ti ń kan. Ọkọ̀ tí wọ́n bá dá padà láti Èkó, owó epo rẹ̀ ti lọ, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò sì ní gbẹ sí i lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè: kí lo ń lò báyìí, èló sì lo ń rà á? Ìyẹ̀fun àlìkámà ló ń lò. Nítorí náà iye tí ìyẹ̀fun àlìkámà bá jẹ́ lÉkòó ni àjà ilé yín. Bí náírà bá rọ, tí àlìkámà wọ́n, wọn á máa pè yín ní gbogbo wákàtí. Bí àlìkámà bá rọjú, wọn ò ní gbé fóònù yín. Ìnáwó tiyín kò kàn wọ́n. Ìwé tí mo kọ fún Ìbàràpá, mo ro gbogbo ìnáwó pọ̀, mo fi èrè lé e, mo sì pè é ní "iye tí a ó tà á". Ta ló ní wọ́n máa rà á ní iye yẹn? Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀.

Apá kejì: ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ibí ni òwò máa ń kú sí.

Tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lóòjọ́. Ó rọrùn lẹ́nu. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 250 lọ́dún, tọ́ọ̀nù 2,500 nìyẹn. Oko wa bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń tọ́jú rẹ̀, láìsí ajílẹ̀ púpọ̀, hẹ́kítà kan máa ń mú bíi tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wá. Ó já sí hẹ́kítà 250 tí a ó máa hú lọ́dọọdún, ìyẹn bí éékà 625. Ẹnìkan ń mi orí, ó ní àwọn ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ẹ̀gẹ́ yín lẹ máa tà fún ilé iṣẹ́? Àwọn ìyá tó ń yan gàrí ńkọ́? Àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn wá rà á lóko ńkọ́? Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa jẹ ńkọ́? Bí a bá rí ìdá kan nínú mẹ́ta gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀, a ti ṣe dáadáa. Éékà tí a nílò láyìíká wa ti di nǹkan bí 1,900.

Láyìíká wa ni mo wí. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, bó bá fi máa pé ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà aláwọ̀ aró. Fún ìyẹ̀fun funfun, láàárín wákàtí 24 ló yẹ kó ti wọ ẹ̀rọ. Kì í ṣe iye máìlì ni kí ẹ fi wọn ọ̀nà, ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà oko tí píkáàpù ń gbà ní oṣù kejì, ṣé ó ń gbà á ní oṣù kẹsàn-án?

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè: ìgbà wo ni ìlú máa ń fẹ́ dá ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀? Ọdún tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù ni! Nígbà yẹn ni ẹkún máa ń pọ̀, pé ẹ̀gẹ́ ń jẹrà, kò sẹ́ni tó rà á. Wọ́n á wá ránṣẹ́ pe èmi. N ó dé, n ó bá ẹ̀gẹ́ ní ọ̀pọ̀, n ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pọ̀, kò sì wọ́n. Báńkì á gbé ìwé wò fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀rọ á tún gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí ni àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ já kulẹ̀ ń ṣe? Ó ti lọ gbin àgbàdo. Ẹ̀gẹ́ ń lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. Ohun tí a kò gbìn lésìí, a kò lè hú u lọ́dún yìí. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé ni ẹ̀gẹ́ máa wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàràpá gan-an nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó fọwọ́ síwèé pé àwọn á tà á fún ilé iṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ Ìbàdàn gbé owó gidi dání wọ oko wọn, kí lẹ rò pé wọ́n ṣe? Ohun tí èmi náà máa ṣe ni wọ́n ṣe.

Nítorí náà, iye ẹ̀gẹ́ ti òní kò tó fún fisibílítì. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá tó ń rà á, ẹ béèrè iye tí píkáàpù kan jẹ́ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ó kéré tán. Wọ́n rántí o. Wọ́n á ní "ọdún tí mo ń sin ìyá mi", "ìgbà tí ọmọ mi wọ yunifásítì", ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì gbé píkáàpù kan lọ sórí òṣùwọ̀n. Píkáàpù ni àgbẹ̀ fi ń tà á, tọ́ọ̀nù ni ilé iṣẹ́ fi ń ṣírò. Ìwé tó bá fi ojú díwọ̀n píkáàpù, irọ́ ti wọ inú rẹ̀ láti ojú ìwé kìn-ín-ní.

Ó ku ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n, ẹ máa ń sọ pé "ẹ̀gẹ́ yìí ní omi jù". Tọ́ọ̀nù kan ẹ̀gẹ́, ìyẹn 1,000 kílò: bí a bá bó o, tí a gé orí àti ìdí rẹ̀, bí 250 kílò ti lọ. Ó ku 750. Nínú 750 yẹn, omi ló pọ̀ jù. Bí ìdá gbígbẹ inú rẹ̀ bá jẹ́ 34 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn èyí tó máa ṣòfò lẹ́nu rírin àti fífún, ẹ ó rí nǹkan bí 250 kílò ìyẹ̀fun. Mẹ́rin di ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 27, ẹ ó rí bí 200. Márùn-ún di ọ̀kan. Ẹ̀gẹ́ kan náà lójú, owó kan náà lẹ rà á.

Kí ló ń fà á? Irú tí a gbìn wà níbẹ̀; irú bíi TME 419 tó gbajúmọ̀ láàárín àgbẹ̀ máa ń le nínú dáadáa. Ọjọ́ orí ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ìwé kì í sọ ni ti òjò àkọ́rọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gẹ́ ti gbọn ewé dànù, ó kó gbogbo agbára rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òjò kìn-ín-ní rọ̀, ó fẹ́ yọ ewé tuntun. Níbo ló ti máa rí ohun tó fi máa yọ ọ́? Nínú iṣu tí ẹ fẹ́ hú ni. Lóṣù tí ilẹ̀ bá rọ̀, tí híhú rọrùn, tí gbogbo ènìyàn ń gbé ẹ̀gẹ́ wá, oṣù yẹn gan-an ni inú rẹ̀ ń ṣófo.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò ṣòro, kò sì nílò yàrá ìwádìí. Ẹ wẹ ẹ̀gẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ kúrò. Ẹ wọn kílò márùn-ún geerege. Ẹ wá kó o sínú agbọ̀n tàbí àwọ̀n, ẹ so ó kọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n, kí ẹ̀gẹ́ rì sínú omi pátápátá láìkan ìdí korobá. Ẹ ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ẹ yọ ìwọ̀n agbọ̀n fúnra rẹ̀ kúrò bó ṣe jẹ́ nínú omi. Ẹ̀gẹ́ tó le nínú máa ń wúwo sí i nínú omi. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò lè fi èyí ṣe é:

```
SG = 5 / (5 - W)
DM = 158.3 × SG - 142
```

`W` ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú omi ní kílò, `SG` ni bí ẹ̀gẹ́ ṣe wúwo tó sí omi, `DM` sì ni ìdá gbígbẹ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ ìṣirò, ẹ há mẹ́ta sórí: bó bá jẹ́ 500 gíráàmù, ìdá gbígbẹ tó 34. Bó bá jẹ́ 400, ó tó 30. Bó bá já sí 320, ó ti di 27, ẹ wá nǹkan mìíràn fi ẹ̀gẹ́ yẹn ṣe. Ẹ ṣe é ní oko ogún, ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣe nígbà òjò. Bí ẹ ò bá tíì ṣe èyí, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ní fisibílítì.

Apá kẹta: ẹ̀rọ

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ jù, láti ọjọ́ tí ìwé iye owó ti dé.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Lẹ́yìn tí a bá rin ẹ̀gẹ́, a ó fún omi rẹ̀, ká tó gbé e sínú dáráyà. Bí èyí tí a fún bá ṣì ní omi tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, dáráyà gbọ́dọ̀ lé bí 800 kílò omi kúrò ká tó rí tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan. Bí a bá fún un dáadáa títí omi fi ku 45 nínú ọgọ́rùn-ún, omi tí a ó fi iná lé á já sí bíi 640. Ìdá kan nínú márùn-ún dísẹ́ẹ̀lì yín nìyẹn, jáàkì tí a fi ń fún un ló sì gbà á sílẹ̀ fún yín. Síbẹ̀, nínú ìwé iye owó tí mo rí lọ́wọ́ yín, dáráyà ní ojú ìwé mẹ́ta, ẹ̀rọ ìfún ní ìlà kan. Ẹ lọ síbi tí irú dáráyà yẹn ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, ẹ fi igi wọn inú táńkì dísẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ka àpò tó jáde. Ẹ má gba iye tí olùtajà bá kọ.

Omi tí a fún kúrò náà ní oró. Ẹja kì í yè nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ èèpo á sì máa jáde lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ tí ẹ rí yẹn bá wà lókè odò tí àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ ń pọn, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn. Kò sí ìṣirò nínú ìyẹn.

Apá kẹrin: owó

Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni o. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan jẹ́ ₦60,000 bó ṣe dé ilé iṣẹ́, tí mẹ́rin ń di ọ̀kan. Ẹ̀gẹ́ inú tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan jẹ́ ₦240,000. Owó àwọn tó ń bó o, dísẹ́ẹ̀lì, àpò àti ọkọ̀ dé Èkó, ká pè é ní ₦190,000. Ó di ₦430,000. Ẹni tó ń rà á san ₦500,000. ₦70,000 ló kù lórí tọ́ọ̀nù kan, a sì ń ṣe tọ́ọ̀nù 625 lọ́dún. Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 43. Ẹ wá yọ owó tí a ó san bí iṣẹ́ wà bí iṣẹ́ ò sí: ẹ̀yáwó, owó oṣù, ọdẹ. Ká ní mílíọ̀nù 24. Ó ku ohun tó lé ní mílíọ̀nù 19 àti ààbọ̀. Ẹ̀rín dé! Ìwé tí mo kọ fún Ìbàràpá, ibí ló parí sí.

Ẹ jẹ́ ká má parí síbí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin di márùn-ún, ohun mìíràn kò yí padà. Ẹ̀gẹ́ inú tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun di ₦300,000. Ohun tó kù lórí tọ́ọ̀nù já láti ₦70,000 sí ₦10,000, tọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ sì já sí 500. Mílíọ̀nù márùn-ún péré, a sì fẹ́ san mílíọ̀nù 24. Òjò àkọ́rọ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Tàbí kí mẹ́rin ṣì di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gẹ́ gun ₦80,000. Tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe, ẹ ó fi ₦10,000 kún un láti àpò yín kí ẹ tó lè gbé e fún ẹni tó rà á. Bí ẹ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni gbèsè ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ yẹn ni èèyàn máa ń ti ilẹ̀kùn, tí ewúrẹ́ á wọlé.

Nítorí náà, ẹ yí ìṣirò náà padà. Dípò kí ẹ béèrè pé èló ni èrè wa, ẹ béèrè pé: èló ni ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tí a kò fi ní jẹ gbèsè? Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, ó jẹ́ bíi ₦68,000. Bó bá ṣe ìdajì iṣẹ́ nítorí ẹ̀gẹ́ kò dé tàbí iná lọ, ó já sí ₦58,000, iye òní gan-an sì ti kọjá ìyẹn. Ẹ wá gbé ₦68,000 yẹn lọ sídìí ìwé tí àwọn ìyá kọ fún yín, ti ọdún mẹ́ta. Oṣù mélòó ni ẹ̀gẹ́ fi kọjá rẹ̀? Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú 36, a lè jókòó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 20, kí ni a tún ń sọ?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ rò pé owó ẹ̀rọ ló pọ̀ jù. Àgbẹ̀ ń gba owó rẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀, kó tó já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ra ìyẹ̀fun máa san lẹ́yìn ọjọ́ 45, bí wọ́n bá jẹ́ olóòótọ́. Nínú ọjọ́ 45 yẹn, ọjọ́ iṣẹ́ bíi 32 wà, ₦600,000 ẹ̀gẹ́ lóòjọ́. Mílíọ̀nù 19 ó lé ni yóò ti jáde lọ́wọ́ yín kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, a ò sì tíì ka dísẹ́ẹ̀lì. Owó yíyípo là ń pe ìyẹn. Mo wo owó tí ẹ dá àti èyí tí ẹ fẹ́ yá. Gbogbo rẹ̀ ló ti wọ inú ẹ̀rọ àti ilé. Ẹ fi hàn mí, níbo ni mílíọ̀nù 19 yìí wà?

Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú. Ó sàn kí n béèrè rẹ̀ lónìí.

Ohun tí a ó fi pinnu

Kí ẹ tó jáde lọ ṣèwádìí, ẹ jókòó, ẹ kọ ohun tí yóò mú yín sọ pé rárá. Ẹ kọ ọ́ ní iye, ẹ fọwọ́ sí i, kí Ìyálọ́jà tọ́jú rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ: bí a kò bá rí ẹni méjì tó kọ̀wé pé àwọn á rà á, bí ẹ̀gẹ́ bá kọjá iye tí a kò fi ní jẹ gbèsè, nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta oṣù, bí owó yíyípo bá ṣì jẹ́ òfìfo. Mo ní kí ẹ kọ ọ́ ṣáájú nítorí pé bí ìwádìí bá parí, tí ọkàn ti fà sí ẹ̀rọ, kò sí iye tó burú tí ẹnu kò lè tún ṣe.

Ìdáhùn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Nígbà tí mo padà sí Ìbàràpá, lọ́fẹ̀ẹ́ o, torí ojú ń tì mí, a ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí. A rí i pé ìyẹ̀fun funfun kò lè dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìrin, jáàkì, kànga àti òrùlé wà nílẹ̀. Wọ́n kọ́ ààrò mẹ́jọ sí i, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tiwọn wá rin, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan gàrí. Ẹlẹ́gẹ́ ló ń ru ewu iye ẹ̀gẹ́. Ilé iṣẹ́ ń gba owó iṣẹ́. Ó ń sanwó oṣù, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò tó san gbèsè dáráyà o. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn wọn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Mo gbé òṣùwọ̀n kan wá, ó wà nínú bọ́ọ̀tì mọ́tò mi, korobá náà wà níbẹ̀. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán àwọn ọmọ lọ pọn omi. Mo rí ẹ̀gẹ́ lórí ọ̀kadà bàbá yẹn nígbà tí mo ń wọlé. Bàbá, oko ibo lẹ ti hú u? Ìgbà wo lẹ gbìn ín? Ẹ jẹ́ ká yá kílò márùn-ún nínú rẹ̀, ká wò ó pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.